PostgreSQL kì í ṣe “CA”: ohun tí òfin CAP sọ gan-an

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ya àwòrán onígun mẹ́ta sójú pátákó níbi tí a ti ń jíròrò dátábéèsì tí a ó lò. Ó kọ C, A àti P sí àwọn igun rẹ̀. Ó fi PostgreSQL sí ẹ̀gbẹ́ tó so C pọ̀ mọ́ A, ó fi MongoDB sí ẹ̀gbẹ́ C àti P, ó sì fi Cassandra sí ẹ̀gbẹ́ A àti P. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, méjì péré lèèyàn lè mú nínú mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ owó ni tiwa, ẹ jẹ́ ká mú CA.” Gbogbo àwọn tó jókòó sì ń mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, nítorí pé mo ti rí ohun tó ń dá sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

Eric Brewer, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, ló kọ́kọ́ dá àbá tí a wá ń pè ní òfin CAP yìí níbi àpérò PODC ní ọdún 2000. Ní ọdún 2002, Seth Gilbert àti Nancy Lynch fi ìṣirò fìdí rẹ̀ múlẹ̀, wọ́n sì fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tó le. C túmọ̀ sí pé bí kíkọ kan bá ti parí, ẹnikẹ́ni tó bá ka àkọsílẹ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ yòówù kó ti kà á, gbọ́dọ̀ rí ohun tí a kọ yẹn tàbí èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò. (C tó wà nínú ACID jẹ́ nǹkan mìíràn, ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀.) A túmọ̀ sí pé gbogbo ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́, tí ìbéèrè bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbọ́dọ̀ dá a lóhùn, kì í sì í ṣe pé kó sọ pé òun kò lè ṣe é. P ní tirẹ̀ túmọ̀ sí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já, kí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kan rán sí èkejì má sì dé ibi tó ń lọ.

P yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń mú tàbí tí ó ń fi sílẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, kébù abẹ́ òkun mélòó kan já nítòsí Abidjan, Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì mọ̀ ọ́n lára. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ dátábéèsì kankan bóyá ó yan P. Ohun tí òfin náà sọ kò ju èyí lọ: nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá pín àwọn ẹ̀rọ níyà, o kò lè ní C àti A pa pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Ilé iṣẹ́ kan tí mo ti bá ṣiṣẹ́ rí ń bá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tọ́jú àkọsílẹ̀ owó. PostgreSQL ni a ń lò: ẹ̀rọ àgbà wà ní Èkó, ẹ̀dà rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gbé níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìsopọ̀ àárín méjèèjì já. Ní aago 10:05, ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ní 50,000 náírà gba 30,000 ní Èkó. Ní aago 10:12, akápò tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣí àkọsílẹ̀ ọkùnrin náà, 50,000 ló sì ṣì rí níbẹ̀. Kò pẹ́ tí akápò kan náà fẹ́ kọ owó tí ẹlòmíràn san wọlé, ohun tó sì jáde ni èyí:

```
ERROR: cannot execute INSERT in a read-only transaction
```

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ méjèèjì ló yè, kò sí èyí tó bàjẹ́. Ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù fi owó àtijọ́ han akápò, nítorí náà kò sí C. Ẹ̀rọ kan náà kọ̀ láti gba àkọsílẹ̀ tuntun, nítorí náà kò sí A. Dátábéèsì tí wọ́n ń pè ní “CA” kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ gẹ́gẹ́ bí a ṣe tò ó, láìsí àṣìṣe kankan.

Nínú ìtàn yìí kan náà ni ẹ̀rí òfin náà wà. Nígbà tí akápò béèrè iye owó, Lọ́ńdọ̀nù kò ní ọ̀nà láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó lẹ́yìn tí ìsopọ̀ já. Yálà kó fi ohun tó mọ̀ dáhùn, kó sì ṣeé ṣe kó pa irọ́, tàbí kó dúró láìdáhùn títí ìsopọ̀ yóò fi padà. Kò sí ọ̀nà kẹta.

Èwo la wá yàn nínú méjèèjì? Orúkọ dátábéèsì kò sọ ọ́. Bí a bá darí gbogbo kíkà sí Èkó, akápò kò ní rí irọ́, ṣùgbọ́n kò ní rí èsì kankan nígbà tí ìsopọ̀ bá já. Bí a bá tò ó kí Èkó máa dúró de Lọ́ńdọ̀nù kó tó fọwọ́ sí kíkọ, Èkó pàápàá yóò dúró títí ìsopọ̀ yóò fi padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Cassandra. Bí ẹ̀dà mẹ́ta bá wà, tí a sì fi ìbéèrè kan sí `QUORUM`, méjì gbọ́dọ̀ dáhùn, nítorí náà ẹ̀rọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yà sọ́tọ̀ ní òun nìkan yóò kọ̀ láti dáhùn. Bí a bá fi ìbéèrè kejì sí `ONE`, níbi tí ìdáhùn ẹ̀dà kan ṣoṣo ti tó, ẹ̀rọ kan náà yóò dáhùn nígbà kan náà. Ibo ni “AP” wà nínú ìyẹn? (Mo gbà pé `QUORUM` nìkan kò tíì tó láti fún ni ní C bí Gilbert àti Lynch ṣe túmọ̀ rẹ̀.)

Àwọn tó fẹ́ràn onígun mẹ́ta náà máa ń sọ pé ó rọrùn láti rántí. Ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n Brewer fúnra rẹ̀ kọ ọ́ ní ọdún 2012 pé ọ̀rọ̀ “méjì nínú mẹ́ta” ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Mo gbà pẹ̀lú pé bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo bá ni ẹnìkan ní, láìsí ẹ̀dà kankan, òfin yìí kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Daniel Abadi, onímọ̀ dátábéèsì, tilẹ̀ ti fi kún un pé nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò já rárá, a ṣì ń yàn láàárín kí èsì tètè dé àti kí ó jẹ́ èyí tó péye, nítorí pé ẹ̀dà tí kò tíì gba ìròyìn lè fi ohun àtijọ́ hàn ní ọjọ́ tí gbogbo nǹkan dára.

Mo ní kí àbúrò náà fi onígun mẹ́ta sílẹ̀ ná, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ àgbà tí a ti ń fi dán iṣẹ́ wò:

```
SELECT application_name, sync_state, replay_lag
FROM pg_stat_replication;
```

`async` ló jáde lábẹ́ `sync_state`, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ àgbà kì í dúró de ẹ̀dà kankan kó tó sọ pé kíkọ ti parí. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, a jẹ́ pé a ti yàn láìmọ̀.” Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà náà la wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rọ àgbà nìkan ni a ó ti máa ka iye owó, àti pé bí ìsopọ̀ bá já, ojú ìwé akápò yóò sọ fún un pé kò lè rí iye owó náà báyìí. Àkọsílẹ̀ ìpàdé àti ọjọ́ ìpàdé la gbà pé kó máa wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀dà, bó tilẹ̀ pẹ́ díẹ̀.