Kì í Ṣe Ọjọ́ Tó Ń Lọ Ló Ń San Èrè Kálẹ́ńdà Sípírẹ́ẹ̀dì

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ yìí, lẹ́nu ọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ní Amẹ́ríkà níbí bí wọ́n ṣe ń ṣòwò ópṣọ̀n, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti ra ìpín tàbí láti tà á ní iye àdéhùn kan kí ọjọ́ kan tó pé. Ó ní: "Ẹ ta èyí tó máa parí lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ra èyí tó máa parí lóṣù tó ń bọ̀, kí iye àdéhùn méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí tí ẹ tà máa yára jẹrà ju èyí tí ẹ rà lọ. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá sì fẹ́ jábọ̀ èrè rẹ̀, ẹ ti tà lọ́wọ̀n-ọ́n, ẹ ti rà lọ́pọ̀. Owó ọ̀fẹ́ ni." Kálẹ́ńdà sípírẹ́ẹ̀dì ló ń ṣàlàyé, àwọn ọmọ náà sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó sú mi.

Pé iye ópṣọ̀n tó sún mọ́ òpin ń yára jẹrà bí ọjọ́ ṣe ń lọ, òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tó ń jiyàn rẹ̀. Àmọ́ ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹni tó rà á lọ́wọ́ yín rí rà. Ẹ̀tọ́ ló rà, pé bí ìpín náà bá mì gidi lọ́sẹ̀ yẹn, òun ni yóò jèrè. Iye Theta, ìyẹn ohun tí ópṣọ̀n ń pàdánù lójúmọ́, tí ẹ ń rí lójú ẹ̀rọ jẹ́ owó ìmì tí ọjà ń retí. Bí ìpín bá mì tó bí ọjà ṣe retí, gbogbo ohun tí ọjọ́ kó sí yín lápò ni ìmì yóò gbà padà. Èrè kò sí àfi tó bá mì kéré sí èyí. Ọjọ́ á máa lọ ní tirẹ̀. Kò jẹ yín ní gbèsè kankan.

Apá kejì ló ń bí mi nínú jù, èyí tó ní IV ọ̀sẹ̀ yìí, ìyẹn ìwọ̀n ìmì tí ọjà fi sínú iye ópṣọ̀n, wọ́n, ti oṣù tó ń bọ̀ pọ̀, nítorí náà ìyàtọ̀ àárín wọn di èrè. Ẹ wo ẹni tó ń ta àgbò. Bí ẹ bá ṣírò ohun tó ń tà lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ Iléyá nìkan, iye náà ga. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí Iléyá wà nínú wọn, ó wálẹ̀, síbẹ̀ Iléyá ló gbé e dúró. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ Iléyá kúrò, kí ẹ wá wo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kù ṣe rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni IV. Ópṣọ̀n méjèèjì ló ní alẹ́ ìjábọ̀ èrè nínú. Nígbà tí èyí tó sún mọ́ bá parí, alẹ́ yẹn ti kọjá, ohun tó kù lọ́wọ́ yín sì ni ọ̀sẹ̀ mẹ́rin aláìníléyá. Ìmì ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn lẹ rà ní tòótọ́, kì í ṣe IV tí ẹ rí lójú ẹ̀rọ. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí, FV ni ìmì ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, T jẹ́ iye ọjọ́, 1 jẹ́ ti ópṣọ̀n tó sún mọ́, 2 jẹ́ ti èyí tó jìnnà:

```
FV = sqrt((T2*IV2^2 - T1*IV1^2) / (T2 - T1))
```

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ tí mo gbé kalẹ̀ fúnra mi wò ó. Ìpín kan wà ní 100 dọ́là. Ópṣọ̀n ẹ̀tọ́ ríra ti ọjọ́ 7 ní IV 80%, ti ọjọ́ 35 ní IV 50%, iye àdéhùn méjèèjì sì jẹ́ 100. Bí a bá fi èlé sílẹ̀, àkọ́kọ́ yóò jẹ́ nǹkan bíi 4.42 dọ́là, èkejì 6.17. Ẹ san 1.75, ìyẹn 175 dọ́là lórí kọ́ńtíráàtì kan tó kó ìpín 100. Olùkọ́ wa á ní ẹ ra 50%, ẹ ta 80%. Ẹ fi ìṣirò òkè yẹn wò ó: FV jẹ́ 39%. Lẹ́yìn ìjábọ̀, IV ohun tí ẹ dì mú máa wá sí 39 tàbí ìtòsí rẹ̀. Kì í ṣe àjálù, ó ti wà nínú iye tí ẹ san láti àárọ̀.

Ó ku ibi tí ìpín máa dé. Bí ó bá dúró gan-an sí 100 lọ́jọ́ keje, ohun tí ẹ rà á tó 4.31, ẹ jèrè nǹkan bíi 256 dọ́là. Àwòrán yìí ni wọ́n máa ń fi han àwọn ọmọ. Bí ó bá lọ sí 110, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò ju 1.18 lọ, ẹ pàdánù 57 dọ́là. Bí ó bá já sí 85, ó ku bíi 29 sẹ́ńtì, 146 dọ́là ti lọ. Èrè wà láàárín 94 sí 107, ní ìfojúbù. Ṣùgbọ́n IV 80% yẹn fúnra rẹ̀ ń sọ pé ìmì alẹ́ ìjábọ̀ nìkan á tó nǹkan bíi 10 dọ́là, sókè tàbí sódò. Nínú gbogbo ìmì tí ópṣọ̀n ọjọ́ 7 náà gbé, bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ló wà nínú alẹ́ kan ṣoṣo yẹn. Níbo wá ni ìjẹrà ojoojúmọ́ ti wọ̀ ọ́? Bí a bá kó gbogbo ibi tí ìpín lè dé jọ, tí a fi bó ṣe ṣeé ṣe sí wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, èrè àti àdánù pa ara wọn rẹ́, kí bírókà tó gba tirẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ìṣirò lásán nìyí, kó rántí Meta, ìyẹn Facebook. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 2022, ìpín rẹ̀ parí ọjà ní 323 dọ́là. Ìjábọ̀ jáde nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó parí ní 237.76, ó já wálẹ̀ ní 26%. Ẹni tó ṣe kálẹ́ńdà lórí 325 pẹ̀lú ẹ̀tọ́ ríra rí i pé èyí tó tà ti di òfo, èyí tó rà sì jìnnà sí iye àdéhùn ní 87 dọ́là, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹni tó lo ẹ̀tọ́ títà kò sàn jù ú lọ: ópṣọ̀n méjèèjì jọ di ọ̀wọ́n, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀ láàárín iye wọn.

Wọ́n á ní àwọn ti jèrè níbẹ̀. Ìpín kò mì ni. Èmi náà ti jèrè bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń ṣòwò yìí, mo sì ń kọ FV sílẹ̀ kí n tó wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìjábọ̀, tòsí FV yẹn ni IV èyí tó jìnnà sábà máa ń balẹ̀ sí lójú mi, bí ariwo àwọn tó rà á ṣe ń pọ̀ tó. Owó àlàfo àárín iye títà àti ríra sì tún wà: bí àlàfo bá jẹ́ 10 sẹ́ńtì lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wíwọlé àti jíjáde gba 20 dọ́là nínú 175 yẹn.

Mo gbà pé ọjà máa ń ṣi iye fi sí alẹ́ ìjábọ̀ nígbà mìíràn, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò lè rí nǹkan níbẹ̀. Àmọ́ FV ló máa kọ́kọ́ ṣírò, á wá fi í wé bí ìpín náà ṣe mì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ lé àwọn ìjábọ̀ rẹ̀ àtijọ́. Bí FV bá jẹ́ 39 tí ìpín náà sábà máa ń mì ní 45 lẹ́yìn ìjábọ̀, ẹ rà á lọ́pọ̀. Bí ó bá sábà máa ń mì ní 30, ẹ rà á wọ́n, bó ti wù kí IV ọ̀sẹ̀ yìí ga tó.