Ẹni tó ni òpó ni ká bi

Bí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ okòwò bá fẹ́ kọ ìjábọ̀ lórí MTN Nàìjíríà, agbára márùn-ún tí Michael Porter là sílẹ̀ lọ́dún 1979 ló sábà máa ń mú dání: àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ náà du ọjà, ẹni tuntun tó lè wọlé, ohun tó lè rọ́pò ọjà rẹ̀, oníbàárà, àti ẹni tó ń ta nǹkan fún un. Tó bá dé orí ẹni ìkẹyìn yìí, á kọ ọ́ pé kò lágbára, nítorí Huawei ń ta ẹ̀rọ, Ericsson náà ń tà.

Àwa kò gbà. Lọ́dún 2014, MTN gbà láti gbé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lé ní 9,000 lé IHS, ilé-iṣẹ́ tó ń fi òpó yáni, lọ́wọ́. Látìgbà náà, ayálégbé ló jẹ́ lórí wọn. Ẹ̀rọ tó wà lórí òpó kì í ṣe àga téèyàn ń gbé kúrò ní pálọ̀ bọ́ sí yàrá. Òpó mìíràn lè má sí ládùúgbò náà, bẹ́ẹ̀ ni tí wọ́n bá yọ ọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já mọ́ oníbàárà lẹ́nu.

Dọ́là ni wọ́n sì fi ń ṣírò apá kan owó òpó yìí. Nígbà tí báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ ní Okudu 2023, dọ́là tí kò tó 500 náírà ti kọjá 900 kí ọdún tó parí. MTN pàdánù nǹkan bíi bílíọ̀nù 137 náírà lọ́dún náà, ó sì pàdánù bíi bílíọ̀nù 400 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Òótọ́ ni pé gbèsè dọ́là wà níbẹ̀, kì í ṣe owó òpó nìkan. Ṣùgbọ́n ní Ògún 2024, òun àti IHS tún jókòó ṣe àdéhùn, wọ́n sì dín apá tó so mọ́ dọ́là kù. Ẹni tí kò lágbára kọ́ là ń bẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní Ṣẹ́rẹ́ 2025, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, fọwọ́ sí i pé kí owó ìpè àti dáta lè gòkè tó ìdá 50 nínú 100. Àwọn kan ní oníbàárà lè ṣí lọ: láti 2013 lèèyàn ti lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn. Ta ló ń ṣe wàhálà yẹn? Síìmù méjì ló wà nínú fóònù wa. Tí ọ̀kan bá wọ́n, a ó ra dáta sórí èkejì. Àmọ́ Airtel náà ń yá òpó IHS. Bí owó òpó bá gbówó lórí, síìmù méjèèjì ló ń gbóná, agbára oníbàárà sì di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2003. Nígbà tí Glo dé pẹ̀lú ìṣirò owó ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá, àwọn tó ń gba 50 náírà fún ìṣẹ́jú kan, kódà bí ìpè kò bá tó ìdajì rẹ̀, kò ní yíyàn ju kí wọ́n tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, kí NCC tó tún fọwọ́ sí owó tuntun, kó tẹ̀ ẹ́ jáde fún aráàlú: nínú ọgọ́rùn-ún náírà tá a fi ra dáta, mélòó ló ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni òpó, mélòó nínú rẹ̀ ló sì so mọ́ dọ́là?