Ẹ má ta ojú owó yín láwìn

Bí ọjà ẹnìkan bá dẹnu kọlẹ̀ nítorí àwìn, àwọn tí kò san gbèsè la máa ń bú. Èmi rò pé gbèsè tí wọ́n san pé pérépéré náà lè kó ọjà nílẹ̀. Mo rí i lọ́dọ̀ àbúrò màmá mi tó ń ta ìrẹsì ní Bódìjà, n'Ìbàdàn.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni àǹtí mi. Olóúnjẹ, tíṣà, alásè, kò sẹ́ni tó wá bẹ̀ ẹ́ tí kò gbé àpò lọ. Ní ìparí ọdún 2023, ₦50,000 ló ń ra àpò kan, ₦53,000 ló sì ń tà á. Alásè kan gbé àpò mẹ́wàá láwìn fún ìnáwó kan, oṣù méjì lẹ́yìn náà ló san ₦530,000, kò dín kọ́bọ̀. Gbogbo wa dúpẹ́. Àfi ìgbà tí àǹtí padà sí ibi tó ti ń ra ọjà tí wọ́n ní àpò kan ti di ₦62,000. Láti oṣù Kẹfà ọdún yẹn tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ fún ọjà ni owó wa ti ń já wálẹ̀, ọjà sì ń gbówó lórí. Àpò mẹ́jọ péré ni owó àpò mẹ́wàá rà, ṣẹ́ńjì rẹ̀ kò sì tó àpò kan. Ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè san án tán, síbẹ̀ ọjà àǹtí dín.

Ti ẹni tí kò san tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èrè orí àpò kan kò ju ₦3,000. Bí àpò kan bá wọgbó, ó di kí ó ta mẹ́tàdínlógún míì kó tó rí ₦50,000 rẹ̀ padà, kò sì tíì jẹun nínú èrè yẹn.

Ohun tó tàn án jẹ ni pé èrò kò dín ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń tà láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n àpò tó máa ń tò kan àjà ti wálẹ̀ dé ìbàdí rẹ̀, ó sì ti ń sáré gbé ọjà láwìn ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ kó lè dá oníbàárà lóhùn. Nígbà tí ó kó àjọ, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń já ọjà fún un ló kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí irú èyí ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ má sọ pé ọjà ò yá. Owó yín ló wà níta.

Lálẹ́ ọjọ́ kan òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tẹ́ ẹní, wọ́n kó àwọn ìwé páálí tó ń kọ gbèsè sí jọ, wọ́n sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù kan náírà. Àpò ìrẹsì tó kù nílẹ̀ kò pé márùn-ún.

Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní kí àwọn olóúnjẹ máa san ₦5,000 lálaalẹ́, ó sì ń rán ọmọ rẹ̀ lọ gbà á bí alájọ ṣe ń ṣe, torí pé owó wà lọ́wọ́ olóúnjẹ lálẹ́. Tó bá fi máa di àárọ̀, olóúnjẹ ti fi ra ẹran àti ata. Lẹ́yìn náà ló rán àpò owó méjì. Bó bá ti ta àpò ìrẹsì kan, iye tí wọ́n ń ta òmíràn lọ́jọ́ náà gan-an ló ń bọ́ sínú ọ̀kan, kì í ṣe iye tó rà á tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù ló ń bọ́ sínú èkejì, inú èkejì yìí nìkan ni oúnjẹ ilé, owó ṣọ́ọ̀bù àti àwìn ti ń jáde. Bó bá ti gbẹ, àwìn oṣù náà ti tán nìyẹn, ẹni yòówù kó dé.

Èyí tó fa ariwo ni pé ó ní ẹni tó bá gbé àpò láwìn máa san iye tí àpò bá jẹ́ lọ́jọ́ tó sanwó. Àwọn kan ní èlé ló ń gbà, alásè kan tilẹ̀ bínú lọ. Mo wà lẹ́yìn àǹtí mi lórí èyí. Àpò kan ló gbé fún wọn, owó tó máa ra àpò kan náà ló ní kí wọ́n dá padà. Nígbà tí owó ìrẹsì sì wálẹ̀ lọ́dún 2025, iye tó wálẹ̀ yẹn ló gbà lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn ún.

Àwọn gbèsè àtijọ́ kan kò wọlé mọ́. Ó ti fi bírò fa ìlà sí wọn lórí, kì í sì í kà wọ́n mọ́ owó tó bá ń ṣírò ọjà.