Blur kọ́ ni oògùn ìlà ìgbì

"Bí ìlà bí ìgbì omi bá yọ lórí fọ́tò aṣọ tàbí ojú kọ̀ǹpútà, ẹ sáà fi Blur tó ń mú àwòrán ṣe bàìbàì sí i, á pòórá."

Rárá o. Ìgbì yẹn fẹ̀ ju fọ́nrán òwú lọ. Òwú ni Blur á kọ́kọ́ pa rẹ́, ìgbì á sì kù síbẹ̀.

Mo ya ṣẹ́ẹ̀tì onílà wẹ́wẹ́ kan fún oníbàárà ní Ìtòkú. Láti nǹkan bíi mítà kan àbọ̀, àwọ̀ ewé àti àlùkò ń rìn láyà ṣẹ́ẹ̀tì náà. Mo sún ìṣísẹ̀ kan mọ́ ọn, mo tún un yà, gbogbo rẹ̀ lọ. Fún ojú kọ̀ǹpútà, ẹ yí kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀.

Bí aṣọ bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ wo fọ́tò ní 100%, torí nígbà mìíràn inú àwòrán tí a sún kéré nìkan ni ìgbì náà wà. Bó bá ṣì wà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì inú Lightroom, ètò tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, kun ibẹ̀ nìkan, kí ẹ fa ìdarí tó ń jẹ́ Moiré, orúkọ ìgbì yìí gan-an, sókè. Àwọ̀ èké ló ń fọ̀, òwú kò ní parẹ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìgbì dúdú àti funfun, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ẹ tún un yà ni.