Lísìtì owó oúnjẹ tó wà lára ògiri bùkà yẹn, ẹ jẹ́ ká tò ó dáadáa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta oúnjẹ, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá wọn tẹ lísìtì owó, ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn gan-an ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá wọ ọ̀pọ̀ bùkà, tẹ́ ẹ gbójú wo lísìtì tó wà lára ògiri, orúkọ oúnjẹ lẹ máa rí, owó á kàn máa tẹ̀lé e lẹ́yìn bó ṣe bá a, èyí wà lápá òsì, tibí yìí wà láàárín, òmíì sì ti fẹ́ẹ̀ jábọ́ nínú pépà. Kọ́sítómà tó jẹ́ pé 2,000 náírà ló mú dání, tó fẹ́ mọ èyí tówó ẹ̀ ká, ò ní í lè fojú wá a, ńṣe láá bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bu oúnjẹ pé "Mà, èló ni pọ̀nmọ́?", ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ náà á tún bèèrè. Kí wá ni iṣẹ́ lísìtì yẹn?

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni orí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á kọ "Ẹyin", á wá máa tẹ àlàfo, àlàfo, àlàfo, títí ojú ẹ̀ á fi sọ fún un pé ó ti tó, lẹ́yìn náà ló máa wá kọ owó. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà, lẹ́tà ò fẹ̀ bákan náà, "m" fẹ̀ ju "i" lọ dáadáa, torí náà kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè ka àlàfo tí owó "Ẹran màlúù" á fi dúró gẹ́lẹ́ lábẹ́ owó "Ẹyin". Ó lè jọ pé ó gún lójú kọ̀ǹpútà, tẹ́ ẹ bá wá pààrọ̀ irú lẹ́tà tàbí tẹ́ ẹ gbé e lọ sí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, gbogbo ẹ̀ á tún wọ́.

Tó bá jẹ́ Word lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ orúkọ, ẹ tẹ Tab lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ wá tẹ owó. Ẹ ṣe gbogbo ẹ̀ bẹ́ẹ̀ tán, kẹ́ ẹ wá tẹ Ctrl+A láti mú gbogbo ẹ̀ pọ̀, ẹ ṣí Paragraph, ẹ tẹ Tabs tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ kọ 12 cm sí Tab stop position, ẹ mú Right ní Alignment, ẹ mú èyí tó ní àmì tótó ní Leader, Set, OK. Right yẹn ni kókó o, torí òun ló ń jẹ́ kí òdo tó kẹ́yìn 300 dúró lábẹ́ òdo tó kẹ́yìn 1,500, ojú á kàn rí i pé nọ́ńbà tó gùn ju àwọn yòókù lọ lówó ẹ̀ wọ́n jù. Àmì tótó yẹn ló sì máa mú ojú láti orúkọ débi owó, kó má lọ ka owó ẹran tó wà lókè mọ́ ẹja. Mo ní 12 torí mi ò fẹ́ kí owó lọ há sí etí pépà lọ́hùn-ún, bí orúkọ àti owó bá ṣe jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ṣe máa ń ṣìnà tó.

Bẹ́ ẹ bá rí owó kan tó ṣì kọ̀ tí ò bá wọn tò, ẹ tẹ Ctrl+Shift+8, á fi gbogbo àlàfo hàn bí àmì tótó kékeré, á fi Tab hàn bí ọfà, ibi tẹ́ ẹ bá ti rí àwọn tótó kékeré tó tò tẹ̀lé ara wọn, ẹnì kan ti fi àlàfo tò ó níbẹ̀ nìyẹn, ẹ pa á rẹ́ kẹ́ ẹ fi Tab kan rọ́pò ẹ̀.

Àmì náírà ńkọ́? Lójú tèmi, ẹ kọ ₦ lẹ́ẹ̀kan sókè ọ̀wọ́ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ó ti tó. Ká máa kọ ọ́ síwájú gbogbo owó ń kún pépà lásán ni, irú lẹ́tà míì ò tiẹ̀ ní in, àpótí kékeré ló máa tẹ̀ jáde. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má kọ 500.00, kò sẹ́ni tó ń gba kọ́bọ̀ mọ́, tí tótó yẹn bá sì parẹ́ lára pépà, ọ̀kẹ́ méjì ààbọ̀ ló máa dà.

Ó wá ku bá a ṣe máa pín in. Ìyá kan wà nítòsí wa tó ń ta àmàlà, bí wọ́n ṣe kọ tiwọn tẹ́lẹ̀ ni àmàlà, omi, ṣàkì, ìrẹsì, ẹyin, fùfú, mínírà, pọ̀nmọ́, dòdò, bó ṣe ń wá sí ẹni tó kọ ọ́ lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ àwa tá à ń jẹ àmàlà, òkèlè la máa ń kọ́kọ́ pè, ká tó sọ ọbẹ̀, ká tó sọ ẹran, omi ló ń gbẹ̀yìn. Bá a ṣe tò ó nìyẹn: òkèlè, ìrẹsì àti ẹ̀wà, ẹran àti ẹja, nǹkan mímu. Wọn kì í gba owó ewédú àti gbẹ̀gìrì, torí náà a ò fún un ní ọ̀wọ́ tiẹ̀, gbólóhùn kan la kọ sábẹ́ òkèlè pé ewédú àti gbẹ̀gìrì ò lówó lórí. Ọ̀wọ́ tó lówó lórí jù ni ti ẹran:

```
ẸRAN ÀTI ẸJA           ₦
Ẹyin .............   300
Pọ̀nmọ́ ............   300
Ṣàkì .............   500
Ẹran màlúù .......   500
Ẹja tútù ......... 1,500
Itan adìẹ ........ 2,500
```

Láti orí èyí tówó ẹ̀ kéré la ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan sọ pé èyí tó wọ́n ló yẹ kó wà lókè kí ojú lè bá a, mi ò gbà, ẹni tó wá jẹun ní bùkà ti ka owó ẹ̀ kó tó kúrò nílé, ibi tówó ẹ̀ mọ ló ń wá. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀wọ́ sí ọ̀wọ́ sì gbọ́dọ̀ ju èyí tó wà lábẹ́ àkọlé lọ, kí àkọlé "Ẹran" sún mọ́ ẹyin, kó jìnnà sí dòdò tó wà lókè ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń kà á ò ní í mọ èyí tó ni àkọlé.

Ẹ sọ ìwọ̀n náà o! "Ìrẹsì 400" ò tíì sọ nǹkan kan, ṣé ṣíbí kan ni àbí abọ́? Ẹ kọ ọ́ sí àkọlé, "Ìrẹsì àti ẹ̀wà, ṣíbí kan", ìjà ti dín kù nìyẹn.

Owó ọjà tó ń yí padà yìí ló mú kí n sọ pé kẹ́ ẹ má tíì sáré lọ tẹ̀ ẹ́ sórí fẹ́lẹ́sì. Ẹ tẹ orúkọ àti àkọlé nìkan, ẹ fi ibi owó sílẹ̀ lófìfo, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ga tó kí ọwọ́ lè kọ nǹkan sí i, ẹ laminéètì ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi máákà kọ owó sí i. Máákà tí kì í tètè parẹ́ ni kẹ́ ẹ lò, torí èyí tí wọ́n fi ń kọ pátákó funfun, aṣọ lásán á nù ún kúrò kó tó dọ̀sán. Tówó bá yí, òwú tẹ́ ẹ rẹ sínú sípíríìtì díẹ̀ á pa á rẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì ń kọ ọ́, láti orí òdo tó kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa bọ̀ wá sápá òsì, kó lè tò bíi tinú kọ̀ǹpútà.