Kì í ṣe gbogbo inú wíwú ni tíì pẹpamíǹtì wà fún

Èrò ọkàn mi rèé lórí àwọn tíì tí wọ́n ń tà fún inú. Mi ò fara mọ́ bí wọ́n ṣe ń da èso olóòórùn kan tó ń jẹ́ fẹ́nẹ́lì, ewé pẹpamíǹtì àti atalẹ̀ pọ̀ sínú àpò tíì kan, tí wọ́n á wá ní kí ẹnikẹ́ni tí inú rẹ̀ bá wú tàbí tí oúnjẹ rẹ̀ kò bá dà máa mu ún lálẹ́ kó tó sùn. Mo fẹ́ràn àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an, mo sì ń lò wọ́n. Àmọ́ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe nínú ara yàtọ̀ síra, òmíràn sì lè dá kún ìnira ẹni. Pẹpamíǹtì ni màá pẹ́ lé lórí jù, torí òun làwọn èèyàn ń ṣì lò jù lójú mi.

Èròjà kan wà nínú ewé pẹpamíǹtì tó ń jẹ́ mẹ́ńtọ́ọ̀lù. Òun ló ń mú kí ẹnu tutù. Tó bá dé ìfun, ṣe ló máa ń dẹ iṣan ibẹ̀. Kí iṣan ìfun tó lè súnkì, kálísíọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Mẹ́ńtọ́ọ̀lù ló ń dí ọ̀nà tí kálísíọ́ọ̀mù ń gbà wọlé, iṣan á sì rọ̀. Bí ìfun bá ń fún ara rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tí gáàsì há sínú rẹ̀, tí ikùn ń fún èèyàn tó tún ń dá a sílẹ̀, ohun tó ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà inú ní Amẹ́ríkà fi sọ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2021 pé àwọn tí ìfun wọn máa ń dàrú lemọ́lemọ́, tí àyẹ̀wò kò sì rí àrùn kankan níbẹ̀, lè lo pẹpamíǹtì.

Ṣùgbọ́n iṣan mìíràn wà lókè, níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti pàdé àpòlúkù. Bí ilẹ̀kùn ló ṣe rí: ó ń ṣí kí oúnjẹ lè kọjá, ó sì ń pa dé kí omi kíkan inú àpòlúkù má bàa ru sókè. Mẹ́ńtọ́ọ̀lù kò mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣan ìfun àti iṣan yìí. Á dẹ òun náà. Ẹni tí àyà rẹ̀ ti máa ń ta tẹ́lẹ̀, tó wá mu pẹpamíǹtì lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tó sì lọ dùbúlẹ̀, ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún omi kíkan náà láti ru wá sọ́fun. Àwọn tó ń di òróró pẹpamíǹtì sínú kápúsù mọ èyí dáadáa. Wọ́n máa ń fi nǹkan bo kápúsù náà kó má bàa yọ́ nínú àpòlúkù, kó dé ìfun kó tó tú. Ife tíì kò ní ìbòrí kankan. Inú àpòlúkù ló ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló jẹ́ kí n rí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń rí gan-an. Alaalẹ́ ló ń mu tíì alápòpọ̀ yẹn, ife ńlá kan, á gbé e dání lọ sórí ibùsùn. Ó tún máa ń kán bításì sínú omi mu lẹ́yìn oúnjẹ. Ó ní inú òun kò yé wú, ó sì dà bíi pé ìwúkàrá kan ti wọ òun lára tó jẹ́ pé òru nìkan ló ń yọjú. Mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, níbo gan-an ló ń ṣe yín? Ṣé òkè ni àbí ìsàlẹ̀ ìdodo?” Ó fọwọ́ kan àárín àyà, ó sì tún fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn. “Méjèèjì ni, àbúrò mi. Nǹkan kan máa ń korò bọ̀ lọ́fun mi tí mo bá ti dùbúlẹ̀. Ìsàlẹ̀ yìí ní tiẹ̀, ọ̀sán ló ń wú, gáàsì ló kún ibẹ̀.”

Nǹkan méjì ló ń ṣe é, ife kan ṣoṣo ló sì fi ń tọ́jú méjèèjì. Ohun tó korò bọ̀ lọ́fun lórí ìdùbúlẹ̀ àti ìwúkàrá òru jẹ́ àmì pé omi kíkan inú ń ru sókè. Mo ní kó fi pẹpamíǹtì àti bításì sílẹ̀ ná, kó máa jẹun alẹ́ ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta kó tó dùbúlẹ̀, kó má sì gbé ife ńlá kankan wọ yàrá mọ́, torí omi púpọ̀ nínú ikùn tó ti kún ń dá kún ríru náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ìwúkàrá ti lọ sílẹ̀ gan-an. Wíwú ọ̀sán ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹn la wá fi fẹ́nẹ́lì dojú kọ.

Èso fẹ́nẹ́lì kéékèèké ni, òróró olóòórùn rẹ̀ sì wà nínú àwọn ọ̀nà tóóró lábẹ́ èèpo. Bí èèyàn bá da omi gbígbóná lé e lódindi, ìwọ̀nba ló máa jáde. Ìdí nìyẹn tí tíì fẹ́nẹ́lì ọ̀pọ̀ èèyàn fi dà bí omi lásán. Ẹ gún un díẹ̀ nínú odó kékeré, tàbí kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ fọ́, ní àkókò tí ẹ fẹ́ lò ó gan-an. Èyí tí wọ́n ti lọ̀ tipẹ́ ti pàdánù òórùn rẹ̀. Ìwọ̀n tí àjọ tó ń rí sí oògùn ní Yúróòpù gbà fún àgbàlagbà ni gíráàmù 1.5 sí 2.5 nínú omi híhó tó tó ìdámẹ́rin lítà kan, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ṣíbí tíì kan tí kò kún jù ti súnmọ́ ọn. Ẹ dé ife náà. Òróró yìí ni oògùn, ó sì máa ń bá ooru lọ bí a bá ṣí ife sílẹ̀. Tí ẹ bá ṣí i, tí omi tó sùn lábẹ́ ìdérí ń ta sánsán, ẹ dà á padà sínú ife.

Àjọ kan náà ní kí àgbàlagbà má lò ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ léraléra láìrí dókítà. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ ẹsitirágóòlù tí wọ́n ń ṣọ́ra fún torí ohun tí púpọ̀ rẹ̀ ṣe fún ẹ̀dọ̀ àwọn ẹranko nínú àyẹ̀wò. Mo rò pé ó yẹ ká kà á sí. Fún ìdí yìí mi ò gbà kí wọ́n máa fún ọmọ ọwọ́ ní tíì fẹ́nẹ́lì nítorí inú rírun, mi ò sì gbà kí aláboyún máa mu ún.

Atalẹ̀ ní tiẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe. Ó ń mú kí àpòlúkù tètè tú ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ìfun. Ẹni tó jẹun díẹ̀ tí inú rẹ̀ kún bíi pé ó jẹ odindi ìkòkò, tí oúnjẹ jókòó sókè ikùn tí kò lọ, tàbí tí èébì ń gbé, òun ni atalẹ̀ bá mu. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Táíwàn, wọ́n fún èèyàn 11 tí oúnjẹ wọn kì í tètè dà ní gíráàmù 1.2 atalẹ̀ lílọ̀. Ìlàjì ohun tí wọ́n jẹ fi inú àpòlúkù sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 12, nígbà tó jẹ́ ìṣẹ́jú 16 fún àwọn ìgbà tí wọn kò lo atalẹ̀. Ẹ má gbàgbé apá kejì ìwádìí náà, tí àwọn tó ń tajà kì í sọ: ìnira tí àwọn èèyàn náà ń rò lára kò yàtọ̀. Ikùn lè yára kí ara má sì tíì mọ̀ ọ́n. Atalẹ̀ púpọ̀ tún máa ń ta èèyàn láyà, ẹni tó bá sì ń lo wáfárìn tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ kó tó sọ ọ́ di ohun ojoojúmọ́.

Bításì ńkọ́? Inú ìkorò gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Bí ìkorò gbòǹgbò jẹ́ńṣíànì tàbí ewé atiṣókì bá kan ahọ́n, itọ́ á sun, àpòlúkù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í múra sílẹ̀ fún oúnjẹ. Nítorí náà, ṣáájú oúnjẹ ló yẹ kí a mu ún, bíi ìṣẹ́jú 15 sí ọgbọ̀n, kán díẹ̀ sínú omi díẹ̀, kí a sì jẹ́ kó kan ahọ́n dáadáa. Ẹni tó gbé e mì nínú kápúsù ti fo ahọ́n kọjá. Ẹni tó mu ún lẹ́yìn tó ti yó ń pe àpòlúkù sí iṣẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Omi kíkan inú wà lára ohun tó ń mú sun, ìyẹn ló jẹ́ kí n ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi í sílẹ̀. Kò yẹ ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, kò sì yẹ ẹni tí òkúta dí ọ̀nà òróòro rẹ̀. Ẹ tún ka ara ìgò rẹ̀: inú ọtí líle ni wọ́n ti ń rẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn, aláboyún àti ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń dà láàmú kò gbọ́dọ̀ fi irú èyí ṣeré.

Tíì fẹ́nẹ́lì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán mú kí gáàsì ẹ̀gbọ́n mi máa rọrùn jáde, ó sì dùn mọ́ ọn. Síbẹ̀ gáàsì náà kò yé wá. Mo ní kó máa kọ ohun tó bá jẹ àti ohun tó bá mu sílẹ̀ pẹ̀lú aago tí ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ohun tó jáde nínú ìwé náà ni mílíìkì: gbogbo ọjọ́ tó bá mu ún láàárọ̀ ni ikùn máa ń wú lọ́sàn-án. Ara ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í lè fọ́ ṣúgà inú mílíìkì mọ́. Kòkòrò inú ìfun ló máa ń jẹ ẹ́, gáàsì sì ni wọ́n ń tú jáde. Ó fi mílíìkì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wíwú náà lọ. Ó tún mu ún padà, ó tún wú. Kò sí ewé tó lè ṣe ohun tí fífi mílíìkì sílẹ̀ ṣe fún un.

Bí àìdà oúnjẹ kò bá lọ, ẹ ní kí wọ́n yẹ yín wò fún kòkòrò Helikobákítà páílórì. Wọ́n lè rí i nínú èémí tàbí nínú ìgbẹ́, oògùn agbógun-ti-kòkòrò ló sì ń pa á. Atalẹ̀ kò lè pa á. Bí oúnjẹ bá ń há lọ́fun, tí ara ń joro láìnídìí, tí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí èébì ní ẹ̀jẹ̀ nínú, kí ẹni náà gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà, kó má ṣe wá kẹ́tùlù. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti tó 50 ọdún tàbí tí ẹ ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ èyí: bí ikùn yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú oṣù, tí ẹ ń yó kíákíá, tí ìtọ̀ ń gbọ̀n yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ní kí wọ́n yẹ ilé ẹyin yín wò. Jẹjẹrẹ ilé ẹyin máa ń kọ́kọ́ yọjú bí inú wíwú lásán, ọ̀pọ̀ ló sì ń fi tíì àti bításì bá a fà á fún oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́.