Ẹni Tí Kò Mọ Nóòtì Kà Lè Tẹ̀lé Sínfónì Dópin

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé orin kílásíkà ilẹ̀ Yúróòpù kò sí fún ẹni tí kò lè ka nóòtì, àti pé ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ orin yóò kàn jókòó síbẹ̀ ni, tí orin yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá. Èrò yìí kò tọ̀nà, inú àwọn orin náà gan-an sì ni ẹ̀rí tó tako ó wà. Ní ayé Beethoven, akọrinsílẹ̀ ọmọ Jámánì, kò sí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ sínfónì tuntun, ìyẹn orin gígùn onípìn-ín-ìpín tí ọ̀kẹ́sítírà, ẹgbẹ́ olórin ńlá, ń fi ohun èlò lù, lè má tún gbọ́ ọ mọ́ fún ọdún púpọ̀. Síbẹ̀, ó wọ́pọ̀ nígbà náà kí akọrinsílẹ̀ fi àmì sínú ìwé orin pé kí àwọn olórin padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún abala àkọ́kọ́ lù pátá. Àtúnlù yìí ń jẹ́ kí ohùn orin náà wọ olùgbọ́ létí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dárà.

Ohun tó ń mú kí ènìyàn sọnù nínú orin gígùn ni pé kò mọ ohun tí etí rẹ̀ yẹ kó máa dúró dè. Nígbà tí kò bá sí ọ̀rọ̀ nínú orin, ohùn kan tó ń lọ tó sì ń padà bọ̀ ni a fi ń mọ ibi tí a dé, gẹ́gẹ́ bí ègbè ṣe ń padà nínú orin àlọ́.

Ẹ kọ́kọ́ dán èyí wò lára orin kúkúrú kan tí ẹ óò rí lórí fóònù bí ẹ bá tẹ Für Elise. Beethoven kọ ọ́ fún píánò nìkan ní 1810, kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn méjì tó fara kan ara wọn, tí ọwọ́ ọ̀tún ń lọ bọ̀ lé lórí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni abala kan tó tújú ká dé, ohùn ìbẹ̀rẹ̀ sì padà. Abala tó tún tẹ̀ lé e le díẹ̀, ọwọ́ òsì ń lu ohùn kan ṣoṣo léraléra nísàlẹ̀, kí ohùn ìbẹ̀rẹ̀ tó padà wá parí orin. Ẹni tó bá dá àwọn ìpadàbọ̀ méjèèjì mọ̀ ti mọ bí a ṣe to orin náà.

Bí ẹ bá fẹ́ orin tó lo ohun èlò púpọ̀ kí ẹ tó dé sínfónì, ẹ gbọ́ Akinla, èyí tó parí African Suite tí Fela Sowande, akọrinsílẹ̀ ọmọ Nàìjíríà, kọ ní 1944 fún àwọn ohun èlò olókùn.

Ẹ wá tẹ Beethoven Symphony No. 5. Ìlú Fiẹ́nnà ní Ọ́stríà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde, ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá, 1808. Ìpín mẹ́rin ló ní, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ bí ìṣẹ́jú márùndínlógójì, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ìpín kìíní nìkan bẹ̀rẹ̀, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú méje. Ohùn mẹ́rin ló ṣí i: mẹ́ta kúkúrú, ọ̀kan gígùn. Láìpẹ́, họ́ọ̀nù yóò ké, fáyólìn yóò sì gbé ohùn tútù kan wọlé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ́tí sísàlẹ̀, ẹ óò gbọ́ pé àwọn ohun èlò olóhùn ńlá ṣì ń lu mẹ́rin yẹn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n máa ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ààrin ìpín yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sọnù, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti fọ́ ohùn náà sí wẹ́wẹ́, títí tí àwọn fèrè àti àwọn olókùn fi ń dá ara wọn lóhùn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, tí ohùn wọn sì ń rẹlẹ̀ sí i. Ẹ fara balẹ̀. Gbogbo ọ̀kẹ́sítírà yóò ké ohùn mẹ́rin náà lójijì. A ti padà délé nìyẹn. Bí ó bá rú yín lójú, àmì kan wà tí kò ṣeé ṣì mọ̀: láìpẹ́ sí ìgbà náà, gbogbo olórin yóò dákẹ́, óbò nìkan, fèrè onígi tí ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, yóò sì dá orin kúkúrú kan kọ jẹ́jẹ́. Kò sí i nínú abala ìbẹ̀rẹ̀.

Lóòótọ́, ẹni tó kọ́ nóòtì yóò rí ìdí tí àwọn nǹkan wọ̀nyí fi ṣẹlẹ̀, àwọn orin kan sì wà, bíi ti Debussy, akọrinsílẹ̀ ọmọ Faransé, tí ohùn wọn kì í padà gbangba báyìí. N kò ní fi wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ní ti fóònù, ẹ pa àṣẹ tó ń da orin rú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò kó ìpín kẹta ṣáájú ìkíní. Ẹ má gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ èrò, nítorí ariwo yóò gbé àwọn ibi tó rẹlẹ̀ mì. Ìdákẹ́jẹ́ láàrin ìpín kan sí èkejì kì í ṣe òpin orin, ṣùgbọ́n láàrin ìkẹta àti ìkẹrin kò sí ìdákẹ́jẹ́ rárá: ìlù ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ohùn ń ga sí i, ìpín ìkẹrin sì bú jáde pẹ̀lú tiroḿbóònù tí a kò tíì gbọ́ látòkè wá. Nígbà tí ìdùnnú ìpín yìí bá ń lọ lọ́wọ́, orin ìpín kẹta yóò tún yọjú fún ìgbà díẹ̀, ẹni tó bá sì ti gbọ́ ìpín méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn yóò dá a mọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni fi hàn án.